Síífíì aṣojú ọjà: bí ẹ ṣe lè sọ tágẹ́ẹ̀tì àti oníbàárà di iye tí kò ní dójú tì yín

Fún ọdún mélòó kan tí mo fi jẹ́ alábòójútó àwọn aṣojú ọjà ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ yẹ síífíì àwọn tó ń wáṣẹ́ wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á kọ pé àwọn máa ń ta kọjá tágẹ́ẹ̀tì, pé oníbàárà kì í fi àwọn sílẹ̀, wọn ò sì ní fi iye kankan tì í. Àwọn díẹ̀ tó bá kọ iye náà, bí mo bá pè wọ́n wọlé tí mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, á di kí wọ́n máa wòkè bí ẹni pé ara àjà ni wọ́n kọ ìdáhùn sí.

Nítorí náà, iye tó ṣeé tú palẹ̀ lójú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ ká jọ wá. Ẹ jẹ́ ká mú aṣojú ọjà kan tó ń ta núdùùsù fún dísítíríbútọ̀ kan. Ọ̀nà tí wọ́n pín fún un bẹ̀rẹ̀ láti Bódìjà, ó gba Sàsá àti Ọjọ́ọ̀ dé Mọ́níyà. Èmi ni mo ṣètò àwọn iye tí n ó lò fún un kí ìṣirò má bàa le, ṣùgbọ́n irú ohun tí mo máa ń rí lójoojúmọ́ ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń retí síífíì; Yorùbá ni mo fi kọ àpẹẹrẹ tèmi, kí ìdí ọ̀rọ̀ lè yé wa kí ẹ tó lọ túmọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó ẹ̀rí jọ kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan

Ohun mẹ́ta lẹ nílò: tágẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún yín lóṣooṣù, iye tí ẹ tà lóòótọ́, àti iye ṣọ́ọ̀bù tó ń rajà lọ́wọ́ yín nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó parí, pẹ̀lú iye tó jẹ́ tuntun nínú wọn. Ibi tí àkọ́kọ́ àti ìkejì sábà máa ń wà ni ẹgbẹ́ WhatsApp tí ọ̀gá máa ń lẹ èsì oṣù mọ́. Ẹ yí i sẹ́yìn títí ẹ ó fi dé oṣù kìíní, kí ẹ sì da àwọn iye náà kọ sínú ìwé tiyín. Ẹ tètè ṣe é nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni wọn ó yọ yín kúrò nínú ẹgbẹ́ náà.

Bí àkọsílẹ̀ bá ti sọnù, ẹ wo àlẹ́ẹ̀tì báǹkì. Ká ní ₦60 ni kọmíṣọ̀n yín lórí páálí kan, tí owó kọmíṣọ̀n tó wọlé láàárín oṣù mẹ́ta sì jẹ́ ₦234,000, ẹ pín in sí 60, ẹ ó rí i pé páálí 3,900 lẹ tà. Àmọ́ bí kọmíṣọ̀n yín bá ń ga sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé iye kan, pípín lásán bẹ́ẹ̀ yóò ṣì yín lọ́nà. Ẹ kọ́kọ́ ya èyí tó wà lábẹ́ iye náà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kọjá rẹ̀.

Ẹ má ṣe da orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà kọ jáde nílé iṣẹ́. Iye ni ẹ nílò, ẹ ò nílò orúkọ. Yàtọ̀ sí pé Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà ti 2023 dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi orúkọ oníbàárà ibi iṣẹ́ àná tajà ara rẹ̀ fún mi, ohun tí mo máa ń rò ni pé bí yóò ṣe kó tèmi náà lọ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò tágẹ́ẹ̀tì bó ṣe yẹ

Bí ọdún 2024 ṣe lọ fún aṣojú wa nìyí, ní páálí:

- Oṣù kìíní sí ìkẹta: tágẹ́ẹ̀tì 3,000, ó ta 3,600, ìyẹn 120%.
- Oṣù kẹrin sí ìkẹfà: tágẹ́ẹ̀tì 3,000, ó ta 3,450, ìyẹn 115%.
- Oṣù keje sí ìkẹsàn-án: tágẹ́ẹ̀tì 4,500, ó ta 4,050, ìyẹn 90%.
- Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá: tágẹ́ẹ̀tì 4,500, ó ta 4,500, ìyẹn 100%.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ro 120, 115, 90 àti 100 pọ̀, wọ́n á pín in sí mẹ́rin, wọ́n á sì kọ 106%. Kò tọ̀nà. Ìgbà tí tágẹ́ẹ̀tì kéré ló ti ṣe dáadáa jù, ìgbà tó tóbi ló sì ti kùnà, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn ka gbogbo wọn sí ọgbọọgba. Ẹ ro gbogbo tágẹ́ẹ̀tì pọ̀, ó jẹ́ 15,000; ẹ ro gbogbo ohun tó tà pọ̀, ó jẹ́ 15,600. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ pín ti ìkejì, 104% ni yóò já sí. Bí ẹ bá kọ tágẹ́ẹ̀tì sí òpó B nínú Excel tàbí Google Sheets, tí iye tí ẹ tà sì wà ní òpó C, ohun tí ẹ ó tẹ̀ nìyí:

```
=SUM(C2:C5)/SUM(B2:B5)
```

Ìyàtọ̀ 2% lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń ta ọjà láti ogún ọdún wá á béèrè àròpọ̀ méjèèjì lọ́wọ́ yín, á sì fi fóònù rẹ̀ pín in lójú yín. Bí 104 bá jáde nígbà tí 106 wà nínú ìwé, gbogbo iye yòókù tó wà níbẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí.

Ẹ wá wo oṣù keje sí ìkẹsàn-án. 90% yẹn kì í ṣe ohun ìtìjú tí a ń fi pamọ́. Ìdajì ni wọ́n fi kún tágẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, láti 3,000 sí 4,500. Síbẹ̀ aṣojú wa ta páálí tó pọ̀ ju ti ìgbàkígbà tó ṣáájú lọ, ó sì kájú tágẹ́ẹ̀tì tuntun náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìtàn tó dára nìyẹn bí wọ́n bá bi í. Ẹni tó kọ pé òun kò kùnà lóṣù kankan rí ló máa ń kọ mí lóminú, nítorí yálà tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré jù ni, tàbí kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Bí ẹ ò bá dé tágẹ́ẹ̀tì yín rárá ńkọ́? Ẹ wá ohun tí ẹ lè fi wé e. Ẹni tó ṣe 88% nígbà tí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ jọ ṣe 79% ti ṣe ju ọ̀pọ̀ lọ, ó sì lè kọ méjèèjì síbẹ̀. Bákan náà ni ipò láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́: “ìkẹta nínú aṣojú mẹ́sàn-án” sọ nǹkan fún mi, “ọ̀kan lára àwọn tó ta jù” kò sọ ohunkóhun. Kí ẹ kàn sọ bóyá iye páálí ni wọ́n fi to ipò náà tàbí ìdá tágẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tí wọ́n fún ní Bódìjà àti ẹni tí wọ́n fún ní Mọ́níyà kò lè ta iye páálí kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yọ ọ̀wọ́n gógó kúrò nínú ìdàgbàsókè yín

Ibi tí mo ti máa ń rí àṣìṣe tó tóbi jù nìyí, pàápàá nínú síífíì àwọn tó tajà ní Nàìjíríà láti 2023 wá. Ẹnì kan á kọ pé òun mú ọjà títà ga pẹ̀lú 80%. Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò.

Ní 2023, aṣojú wa ta páálí 13,000. Ká ní ₦6,000 ni iye páálí kan, owó tó wọlé jẹ́ ₦78 mílíọ̀nù. Ní 2024, ó ta 15,600, iye páálí kan sì ti di ₦9,000. Owó tó wọlé jẹ́ ₦140.4 mílíọ̀nù. Lóòótọ́, bí ẹ bá fi owó wé owó, 80% ló fi ga. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi páálí wé páálí, 20% péré ni. Ìyókù, ọjà tó wọ́n ló fà á. Ọ̀lẹ tó bá ta páálí 13,000 náà padà ní 2024 láìfi ẹyọ kan kún un yóò mú ₦117 mílíọ̀nù wọlé, á sì máa pariwo pé òun fi 50% ga.

Gbogbo ẹni tí yóò ka síífíì yín ló gbé ìgbà yẹn. Wọ́n rántí pé owó ìrànwọ́ epo kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2023, pé wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí 2024 fi máa parí, 34.80% ni Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè kéde fún ọ̀wọ́n gógó ọjà. Nítorí náà, bí ẹ bá fi náírà nìkan yangàn, ohun àkọ́kọ́ tí yóò wá sí wọn lọ́kàn ni pé ọ̀wọ́n ọjà lẹ ń kà, ẹ ò ka iṣẹ́ yín.

Ohun tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ fi ohun tí a lè kà ṣe òṣùwọ̀n: páálí, àpò, kéréètì, iye ẹni tó fọwọ́ síwèé. Bí ohun tí ẹ ń tà bá jẹ́ iṣẹ́ tí kò ṣeé kà bẹ́ẹ̀, bí ìpolówó tàbí ìbánigbófò, ẹ wo ìdá tí ilé iṣẹ́ yín fi gbé owó sókè láàárín ọdún, kí ẹ yọ ipa rẹ̀ kúrò. Ẹ lè kọ náírà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi bí iṣẹ́ yín ṣe tóbi tó hàn, ṣùgbọ́n ìdàgbàsókè, páálí ni kó sọ ọ́. 20% tí ẹ fi òótọ́ kọ, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ pé owó ọjà fi ìdajì lọ sókè lọ́dún náà, wúwo ju 80% lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ nǹkan. Nígbà tí ọjà bá wọ́n, oníṣọ́ọ̀bù máa ń dín iye tó ń rà kù. Ẹni tó wá mú kó rà sí i nínú ìyẹn ti ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oníbàárà tó dúró

Ní oṣù kìíní 2024, ṣọ́ọ̀bù 80 ló ń rajà lọ́wọ́ aṣojú wa. Ní oṣù kejìlá, wọ́n jẹ́ 96. Mo ti rí ẹni tó pín 96 sí 80 tó sì kọ ọ́ pé oníbàárà tó dúró ti òun jẹ́ 120%. Kò ṣeé ṣe kí ènìyàn tó dúró pọ̀ ju ènìyàn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó da ìṣirò náà rú ni àwọn tuntun tó wà nínú 96 yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ yọ wọ́n. Nínú 96, 28 jẹ́ tuntun. 96 dín 28 jẹ́ 68. Ìyẹn ni pé nínú 80 tó bá ọdún wọlé, 68 ló bá a jáde. 85% dúró, 12 lọ. Àwọn 28 tuntun ní ìlà tiwọn nínú síífíì, nítorí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wíwá oníbàárà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni dídì í mú.

Kí iye yẹn tó ní ìtumọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti pinnu ẹni tí ẹ ń pè ní oníbàárà. Ṣé ẹni tó rà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni, àbí ẹni tó ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Fún núdùùsù, èmi á sọ pé ṣọ́ọ̀bù tó ti rajà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgọ́ta ọjọ́ sẹ́yìn. Fún ẹni tó ń ta ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, ọgọ́ta ọjọ́ kò mọ́gbọ́n wá rárá. Ta ni ń ra jẹnẹrétọ̀ ní oṣù méjì-méjì? Ẹ mú èyí tó bá ọjà yín mu, kí ẹ sì lo ọ̀kan náà fún ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ìparí rẹ̀. Ẹni tó ka oníbàárà pẹ̀lú ọgbọ̀n ọjọ́ ní oṣù kìíní, tó sì ka wọ́n pẹ̀lú àádọ́rùn-ún ọjọ́ ní oṣù kejìlá, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ìdánwò kan tún wà tó máa ń mú àwọn ènìyàn. Nínú 12 tó lọ, ká ní márùn-ún ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn pa pátápátá. Ó máa ń wuni láti yọ wọ́n kúrò, kí 68 nínú 75 lè di nǹkan bí 91%. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìṣirò. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ lè sọ pé márùn-ún pa ṣọ́ọ̀bù dé, mẹ́rin lọ bá ẹni tó ń tà ní ẹ̀dínwó, mẹ́ta ni ẹ fúnra yín dáwọ́ ọjà dúró fún nítorí gbèsè. Mímọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi lọ máa ń dá mi lójú ju kí iye náà ga lọ, nítorí ẹni tó bá ń bẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wò nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Bí oníbàárà yín bá tóbi jura wọn lọ gan-an, iye orí nìkan kò tó. Ṣọ́ọ̀bù alágbàtà kan ní Bódìjà lè ra ju ogún kíóṣìkì lọ. Ẹ wo àwọn mẹ́wàá tó ń rà jù: bí mẹ́sàn-án nínú wọn bá ṣì wà, ìlà kan péré tó sọ bẹ́ẹ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbèsè

Àwọn tó ń kọ́ni ní síífíì kì í sábà dárúkọ èyí, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá dísítíríbútọ̀ máa ń wò kí ojú rẹ̀ tó sùn. Ọjà tí a kó síta láwìn tí owó rẹ̀ kò wọlé, a ò tíì tà á. Bí aṣojú wa bá kó ọjà ₦42 mílíọ̀nù síta láwìn ní 2024, tí ₦39.9 mílíọ̀nù sì wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí wọ́n jọ fohùn sí, 95% nìyẹn. Ẹ kọ ọ́. Bí iye tiyín kò bá dára, ẹ fi sílẹ̀ láìkọ, ṣùgbọ́n ẹ múra ìdáhùn sílẹ̀, torí wọn ó béèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wá kọ ọ́

Ìlà kọ̀ọ̀kan nílò ohun tí ẹ ṣe, iye, ohun tí a fi wé e, àti ìgbà. Bí ẹ bá mọ ọgbọ́n tí ẹ dá sí i, ẹ fi gbólóhùn kúkúrú kan sọ ọ́. Ìlà mẹ́rin tó fún iṣẹ́ kan. Ìkarùn-ún á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tó kù lára. Ohun tó wà nínú síífíì aṣojú wa tẹ́lẹ̀ ni: “Mo máa ń ta kọjá tágẹ́ẹ̀tì, mo mú owó tó ń wọlé ga pẹ̀lú 80%, àwọn oníbàárà mi sì fẹ́ràn mi.” Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí nìyí:

> Aṣojú ọjà, dísítíríbútọ̀ núdùùsù, Ìbàdàn (Bódìjà dé Mọ́níyà)
>
> - Mo ta páálí 15,600 ní 2024 sí tágẹ́ẹ̀tì 15,000 (104%). Ipò kẹta nínú aṣojú mẹ́sàn-án ní ìdá tágẹ́ẹ̀tì.
> - Mo mú iye páálí ga pẹ̀lú 20%, láti 13,000 ní 2023, lọ́dún tí owó páálí kan fi ìdajì lọ sókè.
> - Ṣọ́ọ̀bù 68 nínú 80 (85%) ṣì ń rajà lọ́wọ́ mi ní ìparí ọdún lẹ́yìn tí mo sọ ìbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ méjì-méjì di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀bù tuntun 28 kún wọn.
> - Mo gba 95% owó ọjà àwìn (₦39.9 mílíọ̀nù nínú ₦42 mílíọ̀nù) láàárín ọjọ́ 14.

Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé ìbẹ̀wò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nìkan ló dá wọn dúró. Ó sọ ohun tó ṣe, ó sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí ilé iṣẹ́ bá ṣe ìpolówó ńlá lórí rédíò lọ́dún yẹn, kò tọ́ kí ẹ gba gbogbo ìyìn náà sọ́dọ̀.

Bí ilé iṣẹ́ yín bá ka iye ọjà tí wọ́n tà sí àṣírí, ẹ yọ páálí àti náírà kúrò, kí ẹ fi ìdá sílẹ̀: “104% tágẹ́ẹ̀tì ọdún, ìdàgbàsókè 20% ní iye páálí.” Ó ṣì dúró. Bí ẹ bá ń fojú bù ú, ẹ fi “nǹkan bí” sí i, ẹ má sì fi àmì dẹ́símà sí ohun tí ẹ fojú bù. Ẹni tó kọ “nǹkan bí 83.7%” ti tako ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bi yín ní ìbéèrè

Ẹ fún ọ̀rẹ́ kan tó ń tajà ní síífíì náà, kó dà bí ọ̀gá. Bí ìbéèrè ṣe máa ń lọ nìyí:

“Ta ló ń gbé tágẹ́ẹ̀tì yẹn kalẹ̀?”

“Alábòójútó ẹ̀ka ni, sà. Ohun tí ọ̀nà náà tà lọ́dún tó kọjá ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á wá fi kún un. Ní oṣù keje wọ́n fi ìdajì kún un lẹ́ẹ̀kan náà.”

“Kí ló dé tí o fi já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀?”

“90% ni mo ṣe, sà, ṣùgbọ́n páálí 4,050 ni, ó sì ju 3,600 tó pọ̀ jù tí mo ti tà rí lọ. Nígbà tó fi di oṣù kejìlá, mo ti kájú 4,500 náà.”

“Ọ̀nà yẹn, ṣé ìwọ lo là á ni àbí o bá a níbẹ̀?”

“Mo bá a níbẹ̀ ni, sà. Nígbà tí 2024 bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù 80 ló ń rajà lọ́wọ́ mi. 68 nínú wọn ṣì wà, 28 ni mo fẹsẹ̀ ara mi wá.”

Bí ọ̀rẹ́ yín bá bi yín ní irú ìbéèrè yìí tí ẹ sì ní láti dákẹ́ ronú fún ju ìmí kan lọ lórí ìlà kan, ẹ padà lọ ṣírò ìlà náà, tàbí kí ẹ pa á rẹ́. Ẹ tẹ ìwé ìṣirò yín sórí bébà kan, kí ẹ fi í sínú fáìlì tí ẹ ó mú dání lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú síífíì. Ìgbà tí ọ̀gá bá gbé fóònù rẹ̀ jáde láti pín 15,600 ni kí ẹ yọ ọ́.